Àkọlé Tí Mánéjà Kò Ṣí

Akọ̀wé àgbà ilé ìwòsàn wa, tí a ń pè ní Ọlọ́rọ̀-Iyebíye, kì í rán ímeèlì láì wọ agbádá fún un. "KÍÁKÍÁ: Ìkíni Ọlọ́wọ̀ àti Ọ̀rọ̀ Pàtàkì Kan" ni àkọlé rẹ̀ nígbà gbogbo. Òun ló fi kéde kéèkì ọjọ́ ìbí. Òun náà ló fi wá agbòjò rẹ̀ tó sọnù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fíríìjì tí obìnrin apoògùn wa ń kó abẹ́rẹ́ àwọn alátọ̀gbẹ sí dákẹ́. Ó kó yìnyín yí wọn ká, ṣùgbọ́n yìnyín kì í bá ni kalẹ́. Oníṣẹ́ fíríìjì dé, ó ní bí àṣẹ àtúnṣe kò bá jáde kí aago méjì tó lù, òun ń lọ síṣẹ́ mìíràn, ó di ọ̀la. Mánéjà nìkan ló lè fọwọ́ sí i. Ìpàdé ló wà, kì í gbé ìpè níbẹ̀. Ímeèlì nìkan ló ń yọjú wò lórí fóònù.

Akọ̀wé ní kí ọkàn apoògùn balẹ̀, òun ti kọ̀wé láti àárọ̀, òun sì ti tún un rán. Apoògùn wá wò ó. Àkọlé àtayébáyé yẹn náà ni. Ẹ̀bẹ̀ gan-an wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn àdúrà fún gbogbo ìdílé mánéjà. Ọlọ́run ní sùúrù fún àdúrà gígùn. Mánéjà ní ìpàdé.

"Bọ̀dá, kí ni mánéjà máa rí lójú fóònù wọn?"

"Wọ́n á rí i pé ọ̀rọ̀ pàtàkì ni."

"Kéèkì yẹn náà ṣe pàtàkì."

Akọ̀wé ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò lẹ́kọ̀ọ́, pé a kì í já wọlé àgbà láìkanlẹ̀kùn.

"Ẹ ti kanlẹ̀kùn jù, bọ̀dá. Wọ́n ti rò pé atẹ́gùn ni."

Apoògùn fa kíbọ́ọ̀dù sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ "Fíríìjì ti bàjẹ́", ó sì pa á rẹ́: ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ dí á kà á, á kẹ́dùn, á kọjá. Ojú fóònù kì í gba ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ, nítorí náà ó fi ohun tí mánéjà yóò ṣe ṣáájú: "Ẹ fọwọ́ sí àtúnṣe fíríìjì oògùn kí aago méjì tó lù". Nínú rẹ̀, ó kọ iye tí àtúnṣe jẹ́, ó kọ àwọn oògùn tó fẹ́ bàjẹ́, ó ní kí mánéjà ṣáà fèsì pé òun gbà. Kò so ó mọ́ èyí tí akọ̀wé ti rán. Ọ̀tun ló bẹ̀rẹ̀.

Oníṣẹ́ ti gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí èsì dé: "Mo gbà. Kó bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi láti àárọ̀?"

Akọ̀wé ka ìbéèrè yẹn, ojú kò tì í rárá. Ó ní àdúrà òun ló kúkú rọ mánéjà lọ́kàn.

Apoògùn ti kúnlẹ̀ níwájú fíríìjì, ó ń to yìnyín tuntun yí àwọn abẹ́rẹ́ ká, oníṣẹ́ sì ń tú ẹ̀yìn fíríìjì náà.