Àtàǹpàkò Nouratou

Razak fẹ́ràn kí wọ́n máa dá òun lóhùn. Èmi Latifa ni mo sọ bẹ́ẹ̀, mo sì ti sọ ọ́ lójú rẹ̀ rí. Òun ni aṣojú kíláàsì wa ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí à ń lọ ní Bassila. Bó bá ti fi ọ̀rọ̀ sínú gúrúùpù Wasáàpù wa, dandan ni kí oníkálùkù fi àwòrán àtàǹpàkò dáhùn pé òun ti rí i. Ẹni tí kò bá dáhùn, Razak á pè é, á tún un pè, títí ara onítọ̀hún á fi máa gbóná. Nígbà tí Nouratou wà láyé, òun ló máa ń pẹ́ jù kó tó dáhùn, àwọn méjèèjì kì í sì í yéé jà lórí ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ni Nouratou, ọmọ Manigri bíi tèmi. Yàrá kan náà la jọ ń gbé ní Bassila. Ibà ló pa á nígbà òjò, kí n tó gbà pé ibà lásán kọ́. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀, ẹnì kan bèèrè ohun tó yẹ ká ṣe sí nọ́ńbà rẹ̀ tó wà nínú gúrúùpù. Ta ló fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti òkú síta? Razak tó máa ń pàṣẹ bí ọba náà ní ọwọ́ òun kọ́ ni wọ́n á ti gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi í sílẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀ tó ti ń rẹ́rìn-ín.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kan báyìí, olùkọ́ wa, Ọ̀gá Yacoubou, pe Razak. Rápọ́ọ̀, ìyẹn ìròyìn tí oníkálùkù máa kọ lórí oko kajú, tí a máa kó wá lọ́jọ́ Jímọ̀, òun fẹ́ gbà á láàárọ̀ Àtàláátà, nítorí òun ń rìnrìn àjò. Àmọ́ èèyàn tó mọ ẹ̀tọ́ ni Ọ̀gá Yacoubou. Ó ní bí gbogbo kíláàsì bá jẹ́ ẹ pé àwọn ti gbọ́, kí ọjọ́ yí. Bó bá ku ẹyọ ẹnì kan, kó wà ní Jímọ̀ tó wà, òun á wá ẹni tó máa bá òun gbà á. Ohun kan ṣoṣo tó fi lé e ni pé rápọ́ọ̀ tó bá pẹ́, òdo ló máa gbà.

Razak bá kọ ọ́ sínú gúrúùpù: «Ẹ̀yin ará, ọjọ́ rápọ́ọ̀ ti yí. Kì í ṣe Jímọ̀ mọ́, Àtàláátà ni, láàárọ̀. Ẹni tó bá rí i, kó dáhùn. Mo ń kà á o.»

Àtàǹpàkò ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Razak ń kà á, nígbà tó sì pé iye àwa tó wà ní kíláàsì, ó pe Ọ̀gá Yacoubou, ó ní gbogbo wa ti rí i. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ọjọ́ ti yí.

Ní ọ̀sán Àtíní, tí kò sí kíláàsì, mo ń kọ rápọ́ọ̀ mi lọ, iṣẹ́ sú mi, ni mo bá ṣí gúrúùpù kí n wo àwọn ọ̀lẹ tó dáhùn gbẹ̀yìn, kí n lè fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Àtàǹpàkò Zoubérou rèé. Èyí tó tẹ̀lé e, fọ́tò Nouratou ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Orí mi wú. Mo wẹ̀yìn wo bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń sùn lórí ẹ̀ mọ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, mo kàn rí ara mi nílé bàbá Razak lẹ́yìn ọjà ni. Ó kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wo fóònù tèmi, tó tún wo tiẹ̀, ẹ̀rín náà wọlẹ̀. Ó pe nọ́ńbà náà. Ó ń dún. Ó dún títí ó fi dákẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Lábẹ́ orúkọ rẹ̀, fóònù ń sọ fún wa pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀ ni. Razak gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ jẹ́ẹ́, ó sì ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo ní, «Bí ti òkú bá wà nínú ohun tí o kà, ti alààyè wo ni kò sí níbẹ̀?»

Ìgbà yẹn ló tó ka orúkọ, àtàǹpàkò ló ti ń kà látọjọ́ yìí. Faïssal ni kò sí níbẹ̀. Ẹ wò ó, nínú gbogbo wa, Faïssal! Ó ti tún kíláàsì yìí kà lẹ́ẹ̀kan. Bó bá gba òdo nínú èyí, ilé-ẹ̀kọ́ á ní kó máa lọ, bàbá rẹ̀, Bàbá Soulé, sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun kò ní rán an lọ sí ibòmíràn mọ́. A pè é. Kò wọlé. Ó ti lọ bá bàbá rẹ̀ wa iṣu ní Manigri, rẹ́sò fóònù kì í sì í dé oko wọn.

A gun alùpùpù Razak. Ọmọ Anii, àwọn tó ni Bassila, ni Razak, Yorùbá rẹ̀ kò délé, kò lè dá ẹnu sọ̀rọ̀ ní Manigri lójú àwọn àgbà. Lójú ọ̀nà, ó bi mí bóyá lọ́dọ̀ tiwa òkú máa ń fèsì. Mo ní kó wo iwájú. Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n inú mi tún ń dùn díẹ̀, èyí sì dẹ́rù bà mí ju ẹ̀rù náà lọ. Mo ń rò ó pé, bó bá jẹ́ òun lóòótọ́ ńkọ́?

A bá Faïssal lórí ebè, iṣu tó ti wà jáde ń bẹ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá Soulé wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń to iṣu jọ. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì ní ọ̀rọ̀ kíláàsì la bá wá, kò sì bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ ọ́ fún Faïssal ní ohùn kékeré. Ó jókòó sórí ebè. Ó ti bá àwọn olóko kajú sọ̀rọ̀, ó ti wọn oko, ó kù kó kọ ọ́. Láàárọ̀ ọ̀la? Kò lè ṣeé ṣe.

Ó ní, «Latifa, bí wọ́n bá lé mi, ebè tí mo jókòó lé yìí náà ni.»

Razak ní kó da tẹni kan kọ. Inú bí mi. Mo ní kó pe Ọ̀gá Yacoubou, kó sọ òótọ́. Ó ní kí òun sọ pé kí ni? Kí òun sọ pé òun ka òkú mọ́ èèyàn? Pé òun, aṣojú kíláàsì, kò mọ ẹni tó kú?

Mo ní, «Òkú lo kà mọ́ alààyè. Ṣé alààyè lo wá fẹ́ fi dípò ẹ̀ ni?»

Razak rìn lọ sábẹ́ igi igbá tó wà létí ọ̀nà, níbi tí rẹ́sò ti máa ń dé díẹ̀, àwa náà tẹ̀lé e. Ó pè, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ọ̀gá Yacoubou ní òótọ́ ni òótọ́, gbogbo wa kò gbọ́, nítorí náà kí ọjọ́ padà sí Jímọ̀. Faïssal fi ọwọ́ bo ojú. Àmọ́ Ọ̀gá Yacoubou kò tíì sọ tán. Ó ní kí Razak tó kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sínú gúrúùpù, kó yọ ọmọbìnrin náà kúrò níbẹ̀, kí òun lè mọ̀ pé alààyè ló ń dá wa lóhùn.

Razak di fóònù mú, kò lè tẹ̀ ẹ́. Ó ní òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń dáhùn. Mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí a ti wọ Manigri, mi ò kàn fẹ́ gbà ni. A fi Faïssal sílẹ̀ lábẹ́ igi igbá pẹ̀lú fóònù rẹ̀, a tún gun alùpùpù.

Ìyá Àsùmáù, ìyá Nouratou, ń sá gbodo tó máa fi ṣe èlùbọ́ sórí àpáta lẹ́yìn ilé nígbà tí a dé. Fóònù ọmọ rẹ̀ wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi aṣọ mímọ́ kan tẹ́ ẹ. Ó gbé omi fún wa. Kí n tó bèèrè ohunkóhun, ó rí ibi tí ojú mi wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé fúnra rẹ̀. Ó ní nígbà tí Nouratou bá wà nílé, tó ń gúnyán tàbí tó lọ ponmi, òun ló máa ń gbé fóònù náà fún. Ọmọ náà ló kọ́ òun: bí fọ́tò Razak bá yọ, kí òun tẹ àtàǹpàkò, kí Razak má baà jà. Ìyẹn nìkan lòun mọ̀ ọ́n ṣe. Bí fóònù bá ń dún bí ẹni ń pè, òun kì í gbé e, nítorí kí lòun máa sọ?

Mo ní, «Ìyá, ẹ ṣáà mọ̀ pé ó ti lọ.»

Ó ní, «Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́, Latifa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ń pè é. Tí wọ́n bá ń pe ọmọ mi, kí ilé wa dákẹ́?»

Mo sọ ọ́ fún Razak lédè Faransé. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun sọ ti Faïssal fún ìyá, ohun tí àtàǹpàkò yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe fún un, àti ohun tí Ọ̀gá Yacoubou ní kí òun ṣe. Mo sọ ọ́ fún un. Ìyá Àsùmáù fi ọwọ́ sórí àyà. Ó ní áà, ọmọ Soulé. Ó ní òun kò mọ̀, Ọlọ́run gbọ́. Ó yí gbodo méjì mẹ́ta padà.

Nígbà tó ṣe, ó ní, «Kó yọ ọ́. Ṣùgbọ́n kó sọ fún un kó tó yọ ọ́. Wọn kì í lé ọmọ èèyàn láìsọ fún un.»

Razak kọ ọ́ sí nọ́ńbà Nouratou nìkan. Fóònù dún lórí àga. Ìyá Àsùmáù gbé e fún mi pé kí n kà á, mo sì ń tú u sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á: «Nouratou, wọ́n ti tú ọ sílẹ̀. O kò ní rápọ́ọ̀ láti kọ mọ́. Má bínú pé mo máa ń jà. Bí o bá rí i, dá mi lóhùn.»

Omijé kò jẹ́ kí n rí èyí tó kẹ́yìn dáadáa, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo kà á tán. Ìyá Àsùmáù gba fóònù, ó gbé e sórí itan. Kò tẹ nǹkan kan. Razak ń wò ó, èmi náà ń wò ó, oòrùn ń kúrò lórí àpáta.

Ó ní, «Ẹ ní sùúrù. Ó máa ń pẹ́.»

Razak ní òun á dúró. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Níkẹyìn, ìyá nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ìró, ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù Razak dún. Ó wò ó, ó yọ orúkọ Nouratou kúrò, ó sì kọ ọ̀rọ̀ tuntun fún kíláàsì pé rápọ́ọ̀ ti padà sí Jímọ̀, kí oníkálùkù fi orúkọ ara rẹ̀ dáhùn. Tèmi dún lápò mi. Ti Razak sì ń dún bí àwọn èèyàn ti ń fèsì. Orúkọ Faïssal ló kọ́kọ́ wọlé.

Fóònù tó wà lórí itan Ìyá Àsùmáù kò dún. Ó yí i padà, ó gbọ̀n ọ́n díẹ̀, ó gbé e sétí.

Ó bi mí pé, «Ṣé àwọn yòókù lẹ ń pè yẹn?»

Mo ní, «Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.»