Òdo Tí Mo Fò

Ọdún tí àwọn sójà gbàjọba, tí a ń tò lórí ìlà nítorí mílíìkì àti ọṣẹ, ni wọ́n wá yẹ àwa tíṣà tí kò ní sátífíkéètì wò ní Ẹdẹ. Ẹni tó bá yege, á dúró. Ẹni tí kò bá yege, ilé ló ń lọ. Èmi, ìwé mẹ́fà àti ọdún kan lé ni mo kà. Ọmọ márùn-ún ló ń jẹun lọ́wọ́ mi.

Ìṣirò kan ló gbẹ̀yìn: ẹ fi 24 pín 7,428.

Mo pín in. 24 wọ 74 lẹ́ẹ̀mẹta, ó ku 2. Mo sọ 2 tó tẹ̀lé e kalẹ̀, ó di 22. 24 ò wọ̀ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, mo tún yára sọ 8 kalẹ̀, ó di 228, ó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ó ku 12. Mo kọ 39, ìyókù 12.

Ọ̀gá alábẹ̀wò máàkì ìwé wa níbẹ̀, sójà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó kọjú sí mi. "Àtàndá, o yege. Àdùnní, o ò yege."

Àdùnní, tó ń ti Sẹ́kọ̀nà wá kọ́ kíláàsì karùn-ún ní ilé-ìwé wa, dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, 309 ni mo kọ, ìyókù 12. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ìwé ìdáhùn ní 39."

"Ìwé yẹn fo òdo ni sà. Níbi tí 24 ò ti wọ 22, òdo ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ fi 24 sọ 309 di púpọ̀, 7,416 ni. Ẹ fi 12 tó kù kún un, 7,428, bí ẹ ṣe fún wa gan-an."

Ọ̀gá ò tiẹ̀ wo ìwé rẹ̀. "Ìjọba lo wá ń kọ́ ní ìṣirò? Àtàndá, kí lo kọ?"

Sójà yí ojú sí mi.

Mo ṣe é padà nínú mi. 39 lọ́nà 24, 936. Mo fi 12 kún un, 948. Kò tiẹ̀ dé ẹgbẹ̀rún kan. 7,428 dà? Àdùnní ló gbà á.

"Bàbá Kaosarah," Àdùnní fi orúkọ ọmọ mi pè mí, "ẹ bá mi sọ ọ́."

"39 ni sà," mo ní. "Ìyókù 12."

"Ṣé o gbọ́?" Ọ̀gá fa ìlà pupa sórí orúkọ rẹ̀.

Àdùnní wò mí pẹ́. "Ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, Bàbá Kaosarah. Mo rí i bí ẹnu yín ṣe ń mì."

Ó kó ìwé rẹ̀, ó jáde. Sójà yẹ̀ fún un.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n kó kíláàsì karùn-ún fún mi.