Pátákó Olórí Méje

Orí obìnrin méje ni wọ́n yà sí pátákó ṣọ́ọ̀bù Zùwáírátù ní Àgbowó, olúkúlùkù pẹ̀lú irun òwú tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló gbé e síbẹ̀, láyé ìgbà tí àwọn oníbàárà ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí kan ojú títì. Ìyá ti kú, bẹ́ǹṣì sì ṣófo. Zùwáírátù ti sọ fún Rasheed akọpátákó pé bí Iléyá bá ti kọjá, kó wá pa àwọn orí náà rẹ́, kó ya wíìgì dípò wọn.

Kì í ṣe pé kò gbìyànjú. Ó ń gbé àwòrán irun òwú sórí Instagram, ó sì ń kọ #love, #beauty àti #Nigeria sábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń fèsì ò dé Ìbàdàn rí. Ẹnì kan tiẹ̀ ń polówó oògùn eku. Bó bá sì ti ṣí fóònù, wíìgì ló ń rí ṣáá.

"Fóònù yìí ti di ọ̀tá mi," ló sọ fún Ẹ̀ríolúwa, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń kó irun fún lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀ríolúwa gba fóònù náà wò. "Àǹtí Zùwá, ẹ̀yin lẹ ń pè wọ́n. Gbogbo fídíò oníwíìgì lẹ wò dópin."

"Mò ń wò wọ́n kí n lè rí wọn bú ni."

"Fóònù ò mọ èébú, mà. Ohun tẹ́ ẹ tẹjú mọ́ ló mọ̀."

Ọmọ náà kọ́ ọ bó ṣe máa sọ fún fóònù pé òun ò fẹ́ wíìgì mọ́. Ó ní kó fọ́lò àwọn obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ lórí irun tí kò ní kírímù. Ó pa àwọn háṣítáàgì ńlá tí àwòrán rẹ̀ ń sọnù sí rẹ́, ó kọ #irunowu àti #naturalhairibadan, níbi tí àwọn tó ń wá irun náà ti ń wò. Ó tún mú un wọ gúrúùpù àwọn obìnrin Ìbàdàn lórí Facebook. Wọn kì í polówó níbẹ̀, nítorí náà Zùwáírátù kàn ń dáhùn ìbéèrè. Obìnrin kan ní iwájú irun òun ń já. Zùwáírátù fèsì: "Ẹ má fa òwú ibẹ̀ le. Ẹ fi òrí pa á, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sinmi."

Díẹ̀díẹ̀, ohun tí fóònù ń gbé wá yí padà. Àwọn ọmọléèwé àtijọ́ tó kó irun onílé gogoro. Ọmọ tó gbé orí sáàárín itan ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó rí ìyá àgbà kan tó ń fi eyín gé òwú, gẹ́lẹ́ bí ìyá tirẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Ó wò ó tán, ó tún un wò. Kí fóònù mọ̀ pé ohun tó tẹjú mọ́ nìyẹn.

Iléyá kọjá. Obìnrin kan wá láti Ring Road pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ dá mi lóhùn nínú gúrúùpù, nípa irun iwájú?"

"Èmi ni."

"Ìyá mi ló máa ń kó irun òwú fún mi ní Sátidé nígbà tí mo wà léwe. Èmi ò mọ̀ ọ́n kó fún ọmọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ń bọ̀ láti Bódìjà, wọ́n rí àwòrán yín."

Ọmọ náà jókòó. Irun rẹ̀ ni Zùwáírátù ń kó lọ́wọ́ tí Rasheed fi gbé ọ̀dà dé.

"Àǹtí, orí wo ni kí n kọ́kọ́ pa rẹ́?"

Òwú wà láàárín eyín Zùwáírátù. Ó gé e kó tó dáhùn.

"Tún gbogbo wọn kùn. Dúdú òwú wọn ti ṣí."

"Wíìgì ńkọ́?"

"Lọ wò ó lórí fóònù ẹ."