Iye Tí Ẹ̀rọ Náà Máa Jẹ́ Bó Bá Dé Tápà

Alhaji Búrẹ́mọ̀, tó ń bá ẹgbẹ́ àwọn oníláfún nájà, ju ìwé kan sórí tábìlì, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ra màlúù lówó ewúrẹ́.

"Ọlálékan, kà á sókè kí Màmá Ràhmọ̀t gbọ́. Mílíọ̀nù méjìlá ààbọ̀! Mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún ni ará Èkó yẹn kọ́kọ́ pè é. Wákàtí méjì péré ni mo fi bá a nájà lórí fóònù."

Màmá Ràhmọ̀t pàtẹ́wọ́. Òun ni alága àwọn obìnrin tó ń ṣe láfún ní Tápà. Lọ́dún tó kọjá, òjò kò jẹ́ kí wọ́n rí oòrùn sá láfún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó bu, ó ń rùn, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n dà á nù sí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná mú láfún gbẹ.

Àjọ kan ti ṣèlérí pé àwọn yóò fún ẹgbẹ́ náà ní mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún náírà. Èmi, akọ̀wé wọn, ni mo ní láti kọ gbogbo ohun tí a fẹ́ rà àti iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa jẹ́ títí yóò fi dé Tápà, kí n sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Èrúwà kí ọ̀sán Jímọ̀ tó pọ́n. Fún ohunkóhun tó bá wọ́n, ìwé iye owó gbọ́dọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ọlọ́jà mẹ́ta. Bí àpapọ̀ bá fi náírà kan kọjá, ohun tó wọ́n jù ni wọ́n máa kọ́kọ́ gé. Ẹ̀rọ ìmúgbẹ yìí ló wọ́n jù.

Ilé tí a máa kọ́, ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, èyí tó ń fún omi rẹ̀, pẹ̀lú owó tí a fi sílẹ̀ fún ohun àìròtẹ́lẹ̀, ti gba mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù fún ẹ̀rọ ìmúgbẹ. Àwọn ìwé mẹ́ta náà wà níwájú mi: ti ará Èkó tí Alhaji bá nájà, ti Sàlámì, tó ń rọ ẹ̀rọ ní Ìbàdàn, mílíọ̀nù mẹ́rìnlá ó lé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta, àti ti ará Èkó kejì, mílíọ̀nù mọ́kàndínlógún.

"Kí lo tún ń wò?" Alhaji bi mí. "Kọ ọ́ sílẹ̀ ká máa lọ kírun àsárì."

Ọkàn mi kò lélẹ̀. Ta ni yóò já mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ sílẹ̀ nítorí pé ohùn ẹnìkan dùn lórí fóònù? Mo wá ìwé tí ará Èkó náà kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, mo sì ń fi ìka tọ̀ wọ́n lẹ́sẹẹsẹ. Ti àkọ́kọ́ ní: owó ẹ̀rọ, owó ibodè, owó-orí, gbígbé e dé Tápà, títò ó. Ti tuntun ní: iye dé èbúté Àpápá. Ó parí síbẹ̀.

"Alhaji, ẹ má bínú o. Owó ẹ̀rọ, owó ọkọ̀ ojú omi àti ti ìbánigbófò nìkan ló kù nínú iye yìí. Bí ẹ ṣe ń gé e, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń yọ nǹkan kúrò. Àpápá ló máa já a sí."

Màmá Ràhmọ̀t bojú wẹ̀yìn. "Kí Alhaji kúkú ní kí ọkọ̀ ojú omi náà gba odò Ògùn wá bá wa."

"Ẹ máa fi mí ṣẹ̀sín," ni Alhaji wí, ṣùgbọ́n ó ti jókòó.

Mo pe Mùstàfá, ọmọ Igangan tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní Àpápá. Ó ka iye fún mi, mo ń kọ ọ́. Owó ibodè jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún: ₦625,000. Àwọn owó kéékèèké tí kọ́sítọ́ọ̀mù ń gbà: bí ₦225,000. VAT, ìyẹn owó-orí ọjà, ìdá méje ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe orí owó ẹ̀rọ nìkan, orí gbogbo rẹ̀ ni: ₦1,001,250. Owó èbúté àti ti àjẹ́ǹtì, ₦850,000. Ọkọ̀ akẹ́rù dé Tápà, ₦900,000. Títò ó, ₦600,000.

"Bí dọ́là bá sì gun òkè kó tó gúnlẹ̀," Mùstàfá fi kún un, "owó ibodè náà á gùn ún tẹ̀lé e."

Mo ro ó pọ̀ mọ́ mílíọ̀nù méjìlá ààbọ̀ yẹn: ₦16,701,250.

Alhaji bọ́ fìlà. "Ogójì ọdún ni mo fi ta iṣu ní ọjà yìí. Ẹni tó bá ní òun dín owó iṣu, kì í yọ iṣu kúrò nínú òkìtì."

"Ti Sàlámì ńkọ́?" ni Màmá Ràhmọ̀t bèèrè.

Ti Sàlámì dé Tápà, títò ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ gbangba pé VAT kò sí nínú rẹ̀. Mo fi í lé e: ₦15,695,000. Ó ju mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wa lọ.

"Ṣé wọ́n á gé e nìyẹn?" Ohùn Màmá Ràhmọ̀t ti rẹlẹ̀. "Òjò á tún wá bá wa bẹ́ẹ̀."

Mo padà sínú ìwé Sàlámì. Ó ka pèpéle kọnkéré tí ẹ̀rọ máa dúró lé: ₦450,000. Mo ṣí ìwé bíríkìlà tó máa kọ́lé wa. Pèpéle kan náà wà níbẹ̀! Ẹ̀ẹ̀mejì la fẹ́ sanwó rẹ̀.

Mo fò dìde. "Ẹ jẹ́ ká kọ ìwé kan náà sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ẹ yọ pèpéle, ẹ gbé e dé Tápà, ẹ tò ó, ẹ ka gbogbo owó-orí, kí iye yín sì dúró fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Nígbà náà la tó lè fi wọ́n wé ara wọn."

"Màá pe ará Èkó yẹn kí n..."

"Alhaji!" Màmá Ràhmọ̀t na ọwọ́. "Ẹ gbé fóònù yín wá."

Ó gbé e fún un. Ọwọ́ Màmá Ràhmọ̀t ni fóònù náà wà títí dìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ni èsì dé. Ará Èkó àkọ́kọ́: ₦16,900,000. Èkejì: ₦18,400,000. Sàlámì: ₦15,211,250. Ó ṣì fi ₦211,250 lé ní mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àmọ́ ọ̀dọ̀ Sàlámì náà ni ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ àti èyí tó ń fún omi rẹ̀ ti ń bọ̀, a sì ti ya ₦280,000 sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ wọn. Mo bi í bóyá ọkọ̀ kan lè kó gbogbo rẹ̀. Ó ní àyè ṣẹ́kù, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kò ní gba kọ́bọ̀ kún un. Mo yọ ₦280,000 yẹn kúrò, àpapọ̀ gbogbo ohun tí a fẹ́ rà sì di ₦23,931,250.

Àárọ̀ Jímọ̀, ní Èrúwà, Keturah, òṣìṣẹ́ àjọ náà, fi báírò tọ gbogbo ìlà.

"Mi ò rí owó ibodè."

"Ìbàdàn ni wọ́n ti máa rọ ọ́, Mà. Ẹ̀rọ mọ́tò inú rẹ̀ tó wá láti òkè òkun, Sàlámì ló rà á, owó ibodè rẹ̀ ti wà nínú iye tó pè."

Ó wo ọjọ́ tí iye náà máa dúró dé, ó wo ọjọ́ tí owó máa jáde, ó sì lu òǹtẹ̀.

"Ó wọlé. Mi ò rí nǹkan kan gé níbí. Ẹ máa retí ìgbìmọ̀ wa tó máa fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀."

Nígbà tí a padà dé Tápà, Màmá Ràhmọ̀t kò tíì jókòó. Ó bi mí bí ẹ̀rọ náà ṣe fẹ̀ tó. Mo ní mítà mẹ́fà sí mẹ́ta. Ó bọ́ bàtà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ lẹ́yìn ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe láfún, bẹ́ẹ̀ ni Alhaji Búrẹ́mọ̀ ń tẹ̀ lé e, ó ń ri igi mọ́lẹ̀ níbi tó bá tọ́ka sí.