Méje Tí Kò Ní Ìlà
Ní ìlú Stavanger, ẹ̀rọ ti ka ìjìnlẹ̀ omi tí wọ́n fọwọ́ kọ sínú àwòrán òkun àtijọ́ tán, Torgeir tó jẹ́ ọ̀gá sì fẹ́ fi máàpù tuntun ránṣẹ́ sáwọn atukọ̀. Ragnfrid, òṣìṣẹ́ rẹ̀, ní kó dúró.

"Mítà méje láàárín mítà méjì-méjì? Ọ̀gá, kò bára mu."

"Àbí kòtò ni?"

Ragnfrid ṣí àwòrán náà. "Gbogbo méje tí ọkùnrin tó ya àwòrán yìí kọ ló fi ìlà dábùú. Eléyìí ò ní. Oókan ni, imú orí ẹ̀ ló gùn tí ẹ̀rọ fi kà á sí méje."

Wọ́n rán ọkọ̀ lọ wọn ibẹ̀. Òkúta ńlá ló lúgọ síbẹ̀, omi orí ẹ̀ kò ju mítà kan lọ.

Ẹnu ya Torgeir. "Ragnfrid, ojú ẹ yìí ò ní fọ́ láéláé!"

Ó fa àga, àwọn méjèèjì sì jọ ń yẹ gbogbo méje yòókù wò.