Ọṣẹ Ìyá Salifou

Ọdún méje ni bùtíìkì Awawou ti wà lẹ́bàá ọ̀nà Parakou ní Ṣábẹ̀ẹ́, tí àwọn òkè olókùúta ń wò ó láti ẹ̀yìn bí àgbàlagbà tí kò kánjú. Ó ń tà, ṣùgbọ́n kò gbèrú. Ìrẹsì inú rẹ̀ ni wọ́n ń sè nílé, ọṣẹ inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń fọṣọ. Tí pẹpẹ bá ṣófo, Awawou a tún yáwó ra ọjà.

Ní oṣù kìíní ọdún kan, ó kọ ètò ọdún márùn-ún sára páálí, ó sì kàn án mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ní ọdún kìíní, bùtíìkì yóò bọ́ ara rẹ̀: òun náà yóò máa gba owó iṣẹ́, ẹgbẹ̀rún fráǹkì lóòjọ́, kò ní fọwọ́ kan ìyókù. Ní ọdún kejì, yóò fi ọjà tí kì í yá sílẹ̀, yóò sì ní owó ọjà oṣù kan nípamọ́. Ní ọdún kẹta, yóò máa ra ọjà lọ́pọ̀ ní Kútọnu. Ní ọdún kẹrin, èrè yóò ra firigó. Ní ọdún karùn-ún, bùtíìkì kejì ní àdúgbò Boni.

Salifou ọkọ rẹ̀, tó ní oko kajú, rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi ti di ìjọba!"

Láti ọjọ́ náà, ará ilé tó bá mú ọjà a sanwó rẹ̀; Ìyá Salifou nìkan ló kù. Ta ní í gbowó lọ́wọ́ ìyá ọkọ? Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni màmá ń ti Boni wá mú ọṣẹ kan. Tó bá ti lọ, Awawou a yọ owó ọṣẹ náà nínú owó iṣẹ́ rẹ̀, a jù ú sínú àpótí owó bùtíìkì. Lọ́jọ́ kan, màmá gbàgbé gèlè, ó padà, ó sì rí i.

"Ìyàwó, ta lò ń sanwó fún nínú bùtíìkì ara ẹ?"

"Ọṣẹ tẹ́ ẹ mú ni, Ìyá. Tí n kò bá san án, n kò ní rí òmíràn fi rọ́pò rẹ̀."

"Ahun!"

Ó bínú lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò wá. Ọwọ́ Awawou dé ara páálí náà láti já a, ṣùgbọ́n ó rántí pẹpẹ tó ṣófo, ó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì kẹrin, màmá wọlé, ó gbé owó ọṣẹ kalẹ̀. "Má wò mí bẹ́ẹ̀. Ojú ń tì mí pé owó ọbẹ̀ ẹ ló ń fọ aṣọ mi."

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún mú nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún kẹrin, Salifou fẹ́ kí wọ́n fi owó firigó ra alùpùpù.

"Ta kajú tìẹ kí o fi rà á!" ni ìyá rẹ̀ wí.

Firigó dé. Àwọn awakọ̀ ń dúró mu omi tútù, èrè omi náà sì di bíríkì àti páànù ní Boni.

Wọ́n ṣí bùtíìkì Boni kí àkókò kajú tó wọlé. Ìyá Salifou fúnra rẹ̀ ni Awawou gbà síbẹ̀ láti máa tajà, pẹ̀lú owó iṣẹ́ tirẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, Salifou wọlé, ó na ọwọ́ sí sàdínì.

Ìyá rẹ̀ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ síwájú rẹ̀. "Owó dà, ọ̀gbẹ́ni?"