Ìbuwọ́lù Mùsíyé Augustin

Mùsíyé Augustin, tíṣà wa ní ilé-ìwé Faransé, ló kọ́ mi ní ìwé kíkọ. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, ó kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún káfíńtà tó kan pósí. Ó fa ìlà méjì sí i lójú, kí ó jẹ́ inú àkáǹtì nìkan ni a ti lè gba owó rẹ̀, kí olè má baà gbà á sọ́wọ́. Káfíńtà san án sí àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì mìíràn; lọ́jọ́ kẹta, ṣẹ́ẹ̀kì náà dé orí tábìlì mi ní báńkì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí Mùsíyé ń fowó pamọ́ sí.

Owó wà nínú àkáǹtì Mùsíyé. Ṣùgbọ́n ìbuwọ́lù náà rí wúruwùru, kò jọ èyí tó fi sílẹ̀ lọ́wọ́ wa nígbà tó ṣí àkáǹtì. Èmi tí kì í yẹ̀ lórí òfin, mo dá ṣẹ́ẹ̀kì náà padà láìsan án.

Káfíńtà lọ pariwo olè nílé ọ̀fọ̀. Mùsíyé wá bá mi, kò bínú. Ó na ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n sí mi.

"Hilaire, ọwọ́ yìí ni mo fi di tìrẹ mú nígbà tí o kọ́kọ́ kọ orúkọ ara rẹ."